Ọ̀pá Ni Aago Ń Wò

Òní la ṣí ìgbáradì fún ìntáháòsì ọdún yìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló wà níwájú wa.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹsẹ̀ yín yá, mo kí yín. Ẹ ti mọ pápá, pápá náà sì ti mọ̀ yín. Àwọn tí mo fẹ́ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ ni ẹ̀yin tí ẹ máa ń wo ilẹ̀ bí káputeni ilé yín bá ti mú bíírò àti ìwé jáde láti kọ orúkọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ fún mi pé, "Sà, èmi ò lè sáré o." Mo ti gbọ́. Ẹ fetí sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò dá yín lóhùn kí n tó fi ẹnu dá yín lóhùn.

Ìdíje mẹ́rìnlá ló wà tí ẹnì kan ń dá wọ̀ fún ilé rẹ̀: eré sísá, fífò sókè, fífò jíjìn, jíju irin àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àyè 14 nìyẹn. Ríléè mẹ́rin tún wà, ti ọmọkùnrin kékeré, ti ọmọbìnrin kékeré, ti ọmọkùnrin àgbà àti ti ọmọbìnrin àgbà. Ẹni mẹ́rin ló ń sá ríléè kan, àyè 16 nìyẹn. Bí a bá ro ó pọ̀, ilé kọ̀ọ̀kan ní àyè 30 láti dí. Òfin wa sì ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kan kò gbọ́dọ̀ wọ ju ìdíje mẹ́ta lọ, nítorí ara ọmọdé kì í ṣe irin. Ẹ wá sọ fún mi, bí ilé kan bá ní ọmọ márùn-ún tó yára gan-an, àyè mélòó ni wọ́n lè dí? Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. Ìdajì iṣẹ́ ilé náà ṣì wà nílẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò ṣe é bí kò ṣe ẹ̀yin tí ẹ ń wo ilẹ̀ yẹn.

Ẹ tún wo máàkì. Ilé mẹ́rin ni wá. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní ń gba máàkì 4, ìkejì 3, ìkẹta 2, ìkẹrin 1. Ti ríléè jẹ́ ìlọ́po méjì: 8, 6, 4, 2. Ilé tó bá gbé ọ̀pá dé òpin lọ́nà tó bófin mu, kódà bó ṣe ìkẹ́yìn pátápátá, máàkì 2 rẹ̀ ń dúró dè é. Ilé tí kò bá rí ẹni mẹ́rin kó jọ kò ní gba nǹkan kan. Bí ríléè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá bọ́ mọ́ ilé kan lọ́wọ́ báyìí, ó kéré tán máàkì mẹ́jọ ló ti sọnù, iye tí ilé mìíràn ń gbà bí ó bá gba ipò kìíní nínú ríléè kan. Mo ti rí ilé tó fi máàkì mẹ́ta pàdánù ife ẹ̀yẹ.

Nítorí náà, ríléè ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ní ẹsẹ̀ yín wúwo kọ́kọ́ wọ̀. Mo sì ní ìdí.

Nínú ríléè, ọ̀pá ni aago ń wò. Adájọ́ kò béèrè ta ló yára jù nínú ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tó ń wò ni ìgbà tí ìbọn ìbẹ̀rẹ̀ dún àti ìgbà tí ẹni kẹrin gbé ọ̀pá dé ìlà òpin. Láàárín méjèèjì, ọ̀pá náà yóò ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ibi mẹ́ta yẹn ni wọ́n ti ń jẹ ríléè, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń pàdánù rẹ̀. Ìgbọ̀pá lọ́wọ́ ara ẹni sì jẹ́ ohun tí a ń kọ́. Kò bá ẹnikẹ́ni wáyé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Beijing, ní ilẹ̀ Ṣáínà, lọ́dún 2008, nígbà ìdíje Òlíńpíìkì. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ, àwọn obìnrin Jàmáíkà mẹ́ta ló kó gbogbo àmì ẹ̀yẹ eré 100 mítà. Shelly-Ann Fraser gba wúrà, Sherone Simpson àti Kerron Stewart sì dé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n fún àwọn méjèèjì ní fàdákà. Ta ni yóò sọ pé orílẹ̀-èdè mìíràn lè gba ríléè mọ́ wọn lọ́wọ́? Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, wọ́n to ríléè. Àwọn obìnrin Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ dé ibẹ̀, torí ọ̀pá ti bọ́ lọ́wọ́ wọn nínú ìdíje àkọ́kọ́; ọ̀pá àwọn ọkùnrin wọn náà bọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Nínú àṣekágbá, Fraser ló bẹ̀rẹ̀ fún Jàmáíkà. Nígbà tó kan kí Simpson gbé ọ̀pá fún Stewart, àwọn méjèèjì tí wọ́n jọ gba fàdákà, ọ̀pá kò bá ọwọ́ pàdé. Eré Jàmáíkà parí síbẹ̀. Ọ̀pá àwọn obìnrin Bìrìtìkó náà kò délé.

Àwọn ọmọ wa wà nínú eré yẹn: Ene Franca Idoko, Gloria Kemasuode, Halimat Ismaila àti Oludamola Osayomi. Wọ́n gbé ọ̀pá wọn dé òpin ní ìṣẹ́jú àáyá 43.04, wọ́n sì ṣe ipò kẹta. Ní ọdún 2016, àjọ Òlíńpíìkì gba àmì ẹ̀yẹ lọ́wọ́ Rọ́ṣíà tó ṣe ipò kìíní, nítorí wọ́n rí oògùn tí òfin kọ̀ lára ọ̀kan nínú àwọn asáré wọn. Idẹ Nàìjíríà wá di fàdákà.

Ẹ mú bíírò, ẹ pín 43.04 sí ọ̀nà mẹ́rin. Ẹ ó rí 10.76. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin mẹ́rin yẹn tó sá 100 mítà fún 10.76 rí bó bá dá sá a. Báwo ni wọ́n ṣe jọ yára ju bí ẹnikẹ́ni nínú wọn ṣe yára lọ? Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdúró máa ń lo àkókò kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó já. Nínú ríléè, ẹni kìíní nìkan ló ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdúró. Àwọn mẹ́ta yòókù ti wà lórí eré kí ọ̀pá tó bá wọn. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá kọ́ bí a ti ń gba ọ̀pá lórí eré ti jèrè àkókò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan kò lè fún un.

Ẹ jẹ́ ká mú un wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa. Ká sọ pé Ilé Pupa ní ọmọ mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sá 100 mítà fún ìṣẹ́jú àáyá 14.5. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 58. Ti Ilé Aláwọ̀ Ewé, 15.5 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 62. Ilé Pupa kò kọ́ ìgbọ̀pá. Ẹni tó fẹ́ gbà á dúró síbẹ̀, ó wẹ̀yìn, ó na ọwọ́, ó ń retí. Níbi kọ̀ọ̀kan, wọ́n pàdánù bíi ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n dé ní 61. Ilé Aláwọ̀ Ewé kọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n sì jèrè díẹ̀ níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, méjì lápapọ̀. Wọ́n dé ní 60. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn wúwo ló kọ́kọ́ dé. Mi ò ní tàn yín o: bí Ilé Pupa náà bá kọ́ ọ, wọ́n á borí. Ṣùgbọ́n kódà bó bá rí bẹ́ẹ̀, ipò kejì ní máàkì 6, ẹ kò sì ní gba 6 yẹn bí ẹ bá jókòó sábẹ́ agboòrùn.

Ó kù kí n sọ bí a ti ń ṣe é.

Àyè tí òfin fún wa láti pààrọ̀ ọ̀pá jẹ́ 30 mítà, ọ̀pá náà sì gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn nínú àyè yẹn. Ọ̀pá ni wọ́n ń wò níbẹ̀ pẹ̀lú. Kì í ṣe ibi tí ẹsẹ̀ yín wà. Ẹni tí yóò gbà á yóò dúró síbi ìbẹ̀rẹ̀ àyè náà. Láti ibẹ̀, kí ó ka ẹsẹ̀ sẹ́yìn síhà ibi tí ẹnìkejì rẹ̀ ti ń bọ̀, gìgísẹ̀ kan ọmọ-ìka ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ 15 fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, kí ó sì fi àmì síbẹ̀. Nígbà tí ẹnìkejì rẹ̀ bá sáré dé orí àmì yẹn, kí ó yí ojú síwájú, kí ó sì sá gbogbo eré tó ní. Kò gbọ́dọ̀ wẹ̀yìn mọ́. Ẹni tó ń bọ̀ ni yóò ké "Gbà!" nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o. Ìgbà yẹn ni ẹni iwájú yóò na ọwọ́ sẹ́yìn, tí ọwọ́ náà yóò dúró ṣinṣin bí ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ alájẹṣẹ́kù, títí ọ̀pá yóò fi bọ́ sí i.

Ọwọ́ náà ní ètò. Ẹni kìíní ń gbé ọ̀pá ní ọwọ́ ọ̀tún, ó ń fi sí ọwọ́ òsì ẹni kejì. Ẹni kejì kì í pààrọ̀ ọwọ́. Láti òsì ló ń fi sí ọwọ́ ọ̀tún ẹni kẹta. Ẹni kẹta láti ọ̀tún sí òsì ẹni kẹrin. Bí ẹ bá ń yí ọ̀pá padà lọ́wọ́ lórí eré, ẹ ó já a sílẹ̀. Bó bá já, ẹni tó já a ni yóò gbé e, ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ bá a gbé e, kí ó sì máa lọ. Kò parí síbẹ̀.

Níbi ìdánrawò ni ẹ ó ti mọ bí àmì yín bá dára. Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo dúró ti ọmọbìnrin méjì ní ìhà odi ilé ẹ̀kọ́ wa. Ọ̀kan fi ẹsẹ̀ ya àmì sínú iyanrìn. Ẹnìkejì sáré wá, ó ké "Gbà!", ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti sáré jìnnà, ọ̀pá kàn ń fì lójú afẹ́fẹ́. Ó tètè gbéra. A mú àmì sún mọ́ ọn ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Nígbà kejì, ẹni tó ń bọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ pẹ́ kó tó gbéra. A mú un sún sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ kan. Nígbà kẹta, mo gbọ́ ìró ọ̀pá bí ó ti gbá àtẹ́lẹwọ́, àwọn méjèèjì kò sì dín eré kù. Bí ẹni iwájú bá ń bọ́ mọ́ ẹni ẹ̀yìn lọ́wọ́, ẹ sún àmì mọ́ ọn. Bí ẹni ẹ̀yìn bá ń gun ẹni iwájú, ẹ sún àmì jìnnà. Gbogbo àṣírí rẹ̀ nìyẹn.

Ohun kan wà tó kan àwa tí a wà ní Lẹ́kkí àti Ajah. Òkun wà lápá kan wa, ọ̀sà wà lápá kejì, iyanrìn ni ilẹ̀ wa. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀sítéètì tí ẹ ń gbé, iyanrìn tí wọ́n fà láti inú omi ni wọ́n fi kún un kí wọ́n tó kọ́lé sí i. Lórí iyanrìn rírọ̀, ẹsẹ̀ máa ń rì, eré kì í tètè já. Àmì tí ẹ fi ẹsẹ̀ ya yóò parẹ́ bí ẹlòmíràn bá kọjá lórí rẹ̀. Nítorí náà, ẹfun tàbí téèpù ni kí ẹ lò. Bí a bá sì dé pápá tí a yá fún ọjọ́ ìdíje, tí ilẹ̀ rẹ̀ le ju tiwa lọ, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tún àmì rẹ̀ dán wò láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àmì tó bá iyanrìn mu lè má bá koríko mu.

Ẹ̀yin káputeni, ọ̀rọ̀ yín rèé. Bí ẹ bá ń to ẹni mẹ́rin, ẹ má kàn fi ẹni tó yára jù síwájú tàbí sẹ́yìn nítorí ariwo èrò. Ẹni kìíní kì í gba ọ̀pá, ó kàn ń fún ni. Ẹni kẹrin kì í fún ni, ó kàn ń gbà. Ẹni kejì àti ẹni kẹta ló ń ṣe méjèèjì. Ẹ fi àwọn tí ọwọ́ wọn dúró dáadáa sí ipò kejì àti ìkẹta, kódà bí wọn kò bá yára púpọ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n, ẹ fi í sí kìíní tàbí ìkẹrin. Káputeni tó bá fi ọmọ ṣe ẹlẹ́yà níwájú mi nítorí pé ó sanra tàbí pé ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ náà. Ọmọ tí ẹ fi ṣẹ̀sín kò ní wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ilé yín ni yóò sì sanwó rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò sáré rí, ẹ má kánjú. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ la ó máa pàdé lẹ́yìn ilé ìwé, a kò sì ní ṣe eré líle lọ́jọ́ méjì tó tẹ̀léra. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ ó sáré wẹ́rẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ ó rìn fún ìṣẹ́jú kan, ẹ ó sì tún un ṣe títí di ogún ìṣẹ́jú. Bí ẹ kò bá lè sọ gbólóhùn kan parí láàárín eré wẹ́rẹ́ yẹn, ẹ ti yára jù, ẹ dín in kù. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, a ó bẹ̀rẹ̀ ìgbọ̀pá, kọ́kọ́ lórí ìrìn, lẹ́yìn náà lórí eré díẹ̀, kí a tó wá ṣe é ní tòótọ́.

Ara yóò ro yín. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń ro yín káàkiri, tí ó ń dínkù lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ má bẹ̀rù, ara ń kọ́ iṣẹ́ tuntun ni. Ṣùgbọ́n bí ìrora bá gbájú mọ́ ojú kan ṣoṣo, tí ẹsẹ̀ kan wú, tàbí tí ẹ ń tiro, ẹ wá sọ fún mi kí ẹ tó tún sáré. Ẹni tí orí bá ń yí lójú oòrùn, tó bá ń bì, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá ṣe déédéé mọ́, ẹ má sọ pé ó ń ṣe ọ̀lẹ. Ẹ gbé e lọ sábẹ́ ìbòòji, ẹ bu omi sí i lára, ẹ sì sáré pè mí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan pamọ́ fún mi. Bí ọmọ yín bá ní ásímà, kí ińhélà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní pápá. Nínú báàgì ní kíláàsì, kò wúlò. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ SS, ẹ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú, ẹ má jẹ́ kó sá eré àsápajúdé. Mo níṣẹ́ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀: aago tí a fi ń wọn eré, ìwé tí a fi ń ka máàkì, adájọ́ àyè ìgbọ̀pá tó ń gbé àsíá sókè bí nǹkan bá bàjẹ́. Láìsí ẹni tó dúró ṣinṣin níbẹ̀, kò sí ríléè tó lè parí láìsí ìjà.

Ọjọ́ ìṣẹ́gun, ní agogo mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán, kí ẹ wá sí pápá pẹ̀lú bàtà eré tàbí láìní bàtà eré, pẹ̀lú igo omi. Ẹ má wá fún mi ní orúkọ nìkan. Ẹ wá ní ẹgbẹ́ mẹ́rin mẹ́rin, kí ẹ ti mọ ẹni tí yóò gbé ọ̀pá fún yín àti ẹni tí ẹ ó gbé e fún. Ẹni tí kò bá rí ẹgbẹ́, kí ó wá bá mi, èmi ni yóò wá mẹ́ta mìíràn fún un.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹsẹ̀ yín kò ní kọ, ọwọ́ yín kò ní gbọ̀n, ẹ kò ní fara pa, a ó sì fi ayọ̀ parí ọdún eré yìí. Àṣẹ.